Outlook ṣí, ó kú lójú ẹsẹ̀: bí a ṣe ń fi séèfù móòdù wá àfikún tó ń pa á

Àlájà kan wà ní Wuse 2, ọmọ Ìlọrin ni, ohun èlò ọ́fíìsì ló ń tà fún àwọn iléeṣẹ́ ní Àbújá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló pè mí. "Àbúrò mi, Outlook yìí ò gbà fún mi mọ́ o. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ á yọ sójú kọ̀ǹpútà, á kọ Processing síbẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú ó ti lọ. Ọmọkùnrin kan nísàlẹ̀ ilé wa ní ká fọ kọ̀ǹpútà náà, ká gbé Windows tuntun sí i."

Mo ní, "Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀ láti Garki."

Ohun tó jẹ́ kí n sáré ni pé mo mọ bí lẹ́tà ṣe ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké, POP ló ń lò. Outlook a máa fa lẹ́tà wá láti orí sáfà, tí ọjọ́ 14 bá sì pé, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún, àfi tí ènìyàn bá ti yí ètò náà padà. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́tà ọdún mẹ́fà, ìwé ìnáwó, àdéhùn, gbogbo rẹ̀ pátá, inú fáìlì kan ṣoṣo ló wà, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.pst`, nínú fóldà `Outlook Files` lábẹ́ `Documents`. Ẹni tó bá fọ dísìkì láìkọ́kọ́ gbé fáìlì yìí sí ibòmíràn ti sun ìwé gbogbo ọ́fíìsì náà níná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń ṣe Outlook Àlájà kò kan Windows rárá, kò sì kan lẹ́tà. Àfikún kan ló fà á, wákàtí kan kò sì pé tá a fi rí i.

Kí ló dé tí àfikún fi lè pa odidi Outlook

Àfikún ni ètò kékeré tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe láti máa ṣiṣẹ́ nínú Outlook. Nígbà tí ẹ bá gbé ètò tí ń sọ ìwé di PDF sórí kọ̀ǹpútà, tàbí antifáírọ́ọ̀sì, tàbí ètò ìpàdé orí fídíò, á ti bọ́tìnnì tirẹ̀ bọ inú Outlook láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Lórí Outlook àtijọ́ ti Windows, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń lò, irú àfikún tí a ń sọ yìí ń jẹ́ `COM Add-ins` lójú kọ̀ǹpútà.

Inú Outlook gan-an ni àfikún yìí ń gbé. Kò ní yàrá tirẹ̀. Bó bá ṣèèṣì tẹ ibi tí kò yẹ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, Windows kò lè mú òun nìkan kó sì fi Outlook sílẹ̀; àwọn méjèèjì ló máa pa pọ̀. Ìgbà tí Outlook bá ń ṣí ló sì ń pe gbogbo wọn wọlé, kí ojú fèrèsé rẹ̀ tó yọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ikú yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò fi sí àyè fún yín láti dé ibi tí ẹ ti lè pa àfikún náà.

Séèfù móòdù ló ń la ọ̀nà yẹn. Ó ń ṣí Outlook láìpe àfikún COM kankan. Kò tún nǹkan kan ṣe o. Ẹ mú un bí ìbéèrè tí ẹ ń bi kọ̀ǹpútà: "Tí kò bá sí àlejò kankan nílé, ṣé onílé á lè dìde?"

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ rí i pé èyí tó kú ti kú tán

Nígbà mìíràn fèrèsé Outlook á ti lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lábẹ́lẹ̀ níbi tí ẹ kò ti rí i. Tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, Windows lè padà sọ́dọ̀ èyí tó ti há yẹn dípò kó ṣí tuntun. Gbogbo ìdánwò tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà á wá di irọ́. Nítorí náà, ẹ tẹ `Windows` àti `R` pọ̀, kí ẹ kọ `cmd` sínú àpótí tó yọ, kí ẹ tẹ `Enter`, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ èyí:

```
taskkill /f /im outlook.exe
```

Tó bá sọ pé kò rí i, ó dáa, kò sí òkú kankan nílẹ̀. Ẹ máa ṣe èyí lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá wó. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pa Outlook tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ rọra tì í bó ṣe yẹ, nítorí pé fáìlì `.pst` kò fẹ́ràn ikú òjijì.

Fáìlì `.pst` náà ńkọ́? Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo da ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn. Àlájà bi mí pé ṣé ó pọn dandan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àfikún kì í sábà ba fáìlì lẹ́tà jẹ́, àmọ́ Outlook tó ti wó ní ìgbà ogún láàárọ̀ kan lè ṣe fáìlì náà léṣe.

Ìṣí àkọ́kọ́ nínú séèfù móòdù

Ẹ tún tẹ `Windows` àti `R`, kí ẹ kọ:

```
outlook.exe /safe
```

Àlàfo kan wà láàárín `exe` àti ìlà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, Windows á ní òun kò mọ ohun tí ẹ ń wí. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ di bọ́tìnnì `Ctrl` mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ Outlook, kí ẹ má jù ú sílẹ̀ títí á fi bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ séèfù móòdù. Èmi fẹ́ràn èyí tí à ń kọ jù, nítorí pé tí ọwọ́ bá tètè kúrò lórí `Ctrl`, á ṣí bó ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀ ni.

Ó lè béèrè profáìlì tí ẹ fẹ́. Ẹ mú èyí tí ẹ ń lò. Bó bá ṣí, ẹ wo òkè fèrèsé. `Safe Mode` gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi ojú yín mọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí pé ẹ máa nílò rẹ̀ níwájú. Ibi tí a ti ń ka lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè máà yọ, àwọn bọ́tìnnì tí ẹ ti tò fúnra yín sókè náà lè sọnù. Ẹ má fòyà, séèfù móòdù ló gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á padà.

Ẹ fi í sílẹ̀ bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ ṣí lẹ́tà kan, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ara yín. Ti Àlájà ṣí, kò sì wó. Ìgbà tó rí àwọn lẹ́tà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní "Alhamdulillahi."

Tó bá jẹ́ pé nínú séèfù móòdù pàápàá ó tún wó, ẹ má wulẹ̀ máa wá àfikún kiri. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ profáìlì ló bàjẹ́, tàbí fáìlì `.pst`, tàbí Office fúnra rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn nìyẹn: ètò `SCANPST.EXE` tó bá Office wá ló ń tún fáìlì `.pst` ṣe, lórí ẹ̀dà tí ẹ ti gbé sílẹ̀, kì í ṣe lórí èyí tí kò ní ẹnì kejì.

Ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe àṣìṣe kan níbi yìí. Bí séèfù móòdù bá ti ṣí, wọ́n á ní "Àfikún ni!" Kò tíì dájú. Ẹ rántí pé séèfù móòdù gbé ibi ìkàwé ẹ̀gbẹ́ àti ìtò bọ́tìnnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló ń fa wàhálà. Láti mọ̀, ẹ pa gbogbo àfikún, kí ẹ sì ṣí Outlook bó ṣe yẹ, láìlo séèfù móòdù.

Nínú séèfù móòdù náà, ẹ lọ sí `File`, `Options`, `Add-ins`. Nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ `Manage` sí, ẹ kọ́kọ́ mú `Disabled Items`, kí ẹ tẹ `Go`. Ibi tí Outlook ń kó àwọn tó ti tì mọ́lé fúnra rẹ̀ sí nìyẹn. Tí ẹ bá rí orúkọ kan níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má tíì dá a padà. Outlook kì í sábà tì àfikún mọ́lé láìnídìí.

Ẹ padà, kí ẹ mú `COM Add-ins` ní `Manage`, kí ẹ tẹ `Go`. Àkójọ á yọ, pẹ̀lú àpótí kékeré níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó yọ àmì kankan, torí pé àwọn kan wà tí kò ní àmì tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì fẹ́ tan wọ́n lẹ́yìn ọ̀la. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àmì gbogbo wọn. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `Remove`. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àmì tí a yọ ṣeé dá padà nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n `Remove` ń pa orúkọ àfikún náà rẹ́ kúrò nínú àkójọ, ẹ lè ní láti tún gbé e sórí kọ̀ǹpútà kó tó padà.

Mẹ́jọ ni mo rí lórí ti Àlájà. Mo fi nọ́ńbà sí wọn lórí ìwé: ti Exchange, ti VBA, ti OneNote, ti ìpàdé Teams, ti antifáírọ́ọ̀sì, ti PDF, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ọ̀kan tó ń da orúkọ àwọn oníbàárà láti fóònù. Mo yọ àmì wọn, mo tẹ `OK`. Mẹ́ta gbà. Márùn-ún yòókù kọ̀, kọ̀ǹpútà sì kọ èyí sí mi:

```
The connected state of Office Add-ins registered in HKEY_LOCAL_MACHINE cannot be changed.
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀rètí nù nìyí, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí kò le. Àwọn márùn-ún yìí, wọn kò gbé wọn sí abẹ́ orúkọ Àlájà nìkan. Gbogbo ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n gbé wọn sí fún. Nítorí náà alábòójútó nìkan ló lè yọ wọ́n. Ẹ ti Outlook pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì `Start`, ẹ kọ `cmd`, ẹ tẹ orúkọ tó yọ ní apá ọ̀tún máòsì, kí ẹ mú `Run as administrator`. Bí Windows bá béèrè, ẹ gbà fún un. Nínú fèrèsé dúdú náà, ẹ kọ:

```
start outlook.exe /safe
```

Outlook tó bá jáde báyìí ní agbára alábòójútó, àmì á sì gbà láti kúrò. Ẹ ṣọ́ ohun kan: tó bá jẹ́ páásíwọ̀ọ̀dù ẹlòmíràn ni Windows béèrè, bóyá ti ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì yín, Outlook tó máa ṣí á jẹ́ ti ẹni yẹn, kò sì ní sí lẹ́tà yín nínú rẹ̀. Lẹ́tà yín kò sọnù. Ẹ tì í, kí ẹ jẹ́ kí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láti inú Rẹ́jísírì, ibi tí Windows ń kó ètò àwọn nǹkan orí kọ̀ǹpútà pa mọ́ sí, èyí tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Mo yọ gbogbo mẹ́jọ, mo ti Outlook, mo tẹ̀ ẹ́ láti ibi tí Àlájà ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ó ṣí. Kò sí `Safe Mode` lókè, ibi ìkàwé ẹ̀gbẹ́ ti padà, kò sì wó. Ìgbà yìí ni mo tó lè sọ fún un pé àfikún ni.

Pínpín sí méjì

Ẹ lè máa tan àfikún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta. Tí wọ́n bá pọ̀, ẹ pín wọn sí méjì. Mẹ́jọ á di mẹ́rin, mẹ́rin á di méjì, méjì á di ọ̀kan: ìṣí mẹ́ta péré, dípò mẹ́jọ. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ìṣí kan ṣoṣo ló máa fi lé e.

Mo tan ìkínní sí ìkẹrin, mo fi àwọn yòókù sílẹ̀ ní pípa. Outlook ṣí. Mo dúró fún ìṣẹ́jú méjì, mo tì í, mo tún ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún gbà. Ó túmọ̀ sí pé àwọn mẹ́rin yìí mọ́ lọ́wọ́, ọ̀daràn wà láàárín ìkarùn-ún àti ìkẹjọ. Mo wá fi ìkarùn-ún àti ìkẹfà kún wọn. Orúkọ Outlook yọ, ó kọ Processing, ó lọ. Ìyẹn ni pé antifáírọ́ọ̀sì ni, tàbí PDF. Mo padà sínú séèfù móòdù alábòójútó, mo yọ ìkẹfà, mo fi ìkarùn-ún sílẹ̀. Ó ṣí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lágbedeméjì tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí pé ó ti tan àwọn tó gbọ́n jù mí lọ jẹ. Lẹ́yìn tí Outlook bá wó, nígbà tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, ó lè bi yín ní ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
Outlook couldn't start last time.
```

Ó ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ ṣí i nínú séèfù móòdù. Bí ẹ bá ń ṣe ìdánwò, tí ẹ sì tẹ `Yes` láìronú, Outlook á ṣí dáadáa, ẹ óò sì rò pé àwọn tí ẹ tan kò jẹ̀bi. Irọ́ ni, kò tiẹ̀ pè wọ́n rárá. Àlájà tẹ `Yes` yẹn nígbà tí mo lọ bu omi mu, ó sì ké sí mi tayọ̀tayọ̀ pé ó ti tán. Mo ní, "Àlájà, ẹ wo òkè." `Safe Mode` wà níbẹ̀. Ẹ máa wo òkè fèrèsé kí ẹ tó kọ èsì kankan sórí ìwé, kí ẹ sì máa tẹ `No` nígbà ìdánwò.

Bákan náà, Outlook lè sọ pé àfikún kan ti ń fa ìṣòro, kó béèrè bóyá kó tì í mọ́lé. Tí ẹ bá gbà, àfikún náà á bọ́ sínú `Disabled Items`, ìdánwò yín á sì yí padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan àmì kankan. Ẹ kọ̀ títí ẹ ó fi parí. Àmọ́ ẹ ka orúkọ tó dá, ó lè jẹ́ òun gan-an.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fẹnu sórí ìkẹfà, mi ò tíì dá a lẹ́bi. Ìdánwò méjì kù. Àkọ́kọ́, mo tan gbogbo mẹ́jọ, mo yọ ìkẹfà nìkan: ó ṣí. Èkejì, mo pa gbogbo wọn, mo tan ìkẹfà nìkan: ó wó. Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá àfikún náà dá jẹ̀bi, àbí òun àti ẹlòmíràn ń jà. Ká ní ìkẹfà dá nìkan wà, tí Outlook sì ṣí, ohun tó kàn ni kí n fi í sílẹ̀ ní títàn, kí n máa fi àwọn yòókù kún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó máa fi wó. Èyí tó kẹ́yìn wọlé ni ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kò lè gbé yàrá kan. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé láàárín ètò méjì tí àwọn méjèèjì fẹ́ yẹ lẹ́tà wò bó ṣe ń wọlé.

Ti Àlájà wó ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ló mú un rọrùn. Tí tiyín bá ń wó lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ìṣí ẹyọ kan kò tó láti sọ pé ìdajì kan mọ́. Ẹ ṣí i ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ẹ tó kọjá sórí ìdajì kejì.

Ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ Windows lè sọ, àti ibi tó ti ń ṣini lọ́nà

Windows ń kọ ikú gbogbo ètò sílẹ̀. Ẹ kọ `eventvwr.msc` sínú àpótí `Windows` àti `R`, ẹ ṣí `Windows Logs`, lẹ́yìn náà `Application`. Ẹ wá ìlà pupa tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000, tí orísun rẹ̀ jẹ́ `Application Error`, ní àkókò tí Outlook wó. Nínú rẹ̀, ẹ ka ìlà `Faulting module name` àti `Faulting module path`.

Tí ọ̀nà fáìlì tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá lọ sí fóldà iléeṣẹ́ tó ṣe àfikún kan, ẹ ti rí ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ fura sí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò yín láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti Àlájà kò ṣe bẹ́ẹ̀. `ntdll.dll` ló kọ síbẹ̀. Fáìlì Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ètò orí kọ̀ǹpútà ló ń lò ó. Ilẹ̀ tí òkú ṣubú sí ni, kì í ṣe ẹni tó pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni `KERNELBASE.dll`. Ọ̀pọ̀ ló ti rí orúkọ yìí, tí wọ́n sọ pé Windows ti bàjẹ́, tí wọ́n sì fọ kọ̀ǹpútà nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ padà sórí pínpín sí méjì.

Níbẹ̀ kan náà, ìlà nọ́ńbà 45 tí orísun rẹ̀ jẹ́ `Outlook` ń to àwọn àfikún tó wọlé àti iye ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ìyẹn wúlò fún Outlook tó ń falẹ̀ ju èyí tó ń wó lọ: àfikún tí àkókò ìwọlé rẹ̀ bá ju 1000 lọ, tí a bá wo ìṣí márùn-ún tó tẹ̀ léra, Outlook lè tì í mọ́lé fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú un

Mo bi Àlájà bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ètò PDF yẹn. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó béèrè pé kí òun jẹ́ kó gba ẹ̀dà tuntun, òun gbà, iná sì lọ kó tó parí, bẹ́ẹ̀ bátìrì lápútọ́ọ̀pù náà ti kú tipẹ́. Àfikún tí ìdajì fáìlì rẹ̀ jẹ́ ti àná, tí ìdajì jẹ́ ti òní, kò lè ṣe kó má wó.

Nítorí náà a yọ ètò PDF náà kúrò láti `Settings`, `Apps`, a tún gbé e padà ní odindi nígbà tí ẹ̀rọ ìfipamọ́ iná wà ní títàn. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá Office yín jẹ́ ti bíìtì 32 tàbí 64: `File`, `Office Account`, `About Outlook`, ẹ óò rí i lókè fèrèsé tó yọ. Àfikún COM tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò lè wọ inú èkejì. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní wó, kò kàn ní yọ rárá ni, ẹ óò sì máa rò pé ẹ kò gbé e dáadáa.

Tí kò bá sí ẹ̀dà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kàn fi í sílẹ̀ ní pípa. Ètò PDF fúnra rẹ̀ á ṣì ṣí fáìlì PDF. Bọ́tìnnì tó wà nínú Outlook nìkan ló lọ. Lẹ́tà tí ẹ bá fẹ́ sọ di PDF, ẹ tẹ `File`, `Print`, kí ẹ mú `Microsoft Print to PDF` dípò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ó kù ohun kan tí ó máa ń padà wá. Bí ètò náà bá tún gba ẹ̀dà tuntun, ó lè tún bàjẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, tàbí kó fi àmì ara rẹ̀ padà síwájú orúkọ rẹ̀ tí ẹ bá ti pa á, Outlook á sì tún wó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ṣẹlẹ̀ sí Àlájà lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ìgbà yìí mi ò tiẹ̀ lọ sí Wuse, orí fóònù la ti ṣe é. Mo ní kó ṣí Rẹ́jísírì, ìyẹn `regedit`, gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kó wá orúkọ àfikún náà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí:

```
HKCU\Software\Microsoft\Office\Outlook\Addins
HKLM\Software\Microsoft\Office\Outlook\Addins
HKLM\Software\WOW6432Node\Microsoft\Office\Outlook\Addins
```

Ẹ̀kẹta ni ti Office 32 lórí Windows 64, ibẹ̀ la sì ti rí i. Mo ní kó tẹ orúkọ fóldà náà ní apá ọ̀tún máòsì, kó mú `Export`, kó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí `Documents`. Lẹ́yìn náà kó ṣí `LoadBehavior`. Ó kà á sí mi létí: "Mẹ́ta ni." Mẹ́ta túmọ̀ sí pé kó máa wọlé nígbà tí Outlook bá ń ṣí. Mo ní kó fi òdo sí i, kó tẹ `OK`, kó wá ṣí Outlook. Lẹ́yìn náà a lọ sínú ètò PDF náà, a pa gbígba ẹ̀dà tuntun láìbéèrè, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò máa yan ọjọ́ tí iná wà.